Orin Pẹ̀lẹ́ fún Ọkàn tí ń Lù Kìkì: Bí A Ṣe ń Yan Orin Ṣáájú Ìdánwò tàbí Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún Iṣẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ará ilé gbogbo, ẹ ó ti rí irú èyí rí. Ọmọ ti ka ìwé fún oṣù mẹ́ta, ó sì mọ ohun tí ó kà. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn, ó sì ti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí aago méje tó lù. Bákan náà ni ó ń rí fún àgbàlagbà tí a pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́. Ohun tí ó mọ̀ ní alẹ́ àná á fò lọ kúrò lórí rẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó síwájú àwọn ọ̀gá.

Ìdí rẹ̀ ni pé ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdánwò àti ewu. Bí ọkàn bá ti fòyà, ara á da oje kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí ọkàn sáré, kí èémí kúrú, kí iṣan sì le, bí ẹni tí ó fẹ́ sá fún ejò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ kò burú, nítorí ó ń mú ojú ẹni là. Àpọ̀jù rẹ̀ ni ó ń mú kí ènìyàn ka ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó má sì yé e. Ẹnikẹ́ni kò lè pàṣẹ fún ọkàn rẹ̀ pé kí ó rọra lù. Ṣùgbọ́n a lè pàṣẹ fún èémí wa. Bí èémí tí a ń mí jáde bá gùn, iṣan kan tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé ọkàn á fa ìjánu, ọkàn á sì dẹwọ́. Ibí yìí gan-an ni orin ti wúlò.

Ìyá tí ó ti pọn ọmọ rí mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún kì í yára, ohùn rẹ̀ kì í ga, gbólóhùn kan náà sì ni à ń tún kọ ní àkọtúnkọ títí oorun yóò fi gbé ọmọ náà lọ. Àwọn onímọ̀ ti wá yẹ irú nǹkan báyìí wò. Ní ọdún 2001, dókítà ará Ítálì kan, Lusiánò Bẹnádì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ènìyàn 23 máa ka àdúrà Ròsárì ní èdè Látìn. Wọ́n rí i pé èémí wọn rọ̀ di bíi mẹ́fà péré ní ìṣẹ́jú kan, nítorí pé gbólóhùn àdúrà náà ni ó ń díwọ̀n èémí wọn. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí mìíràn kó ìwádìí 26 jọ lórí àwọn aláìsàn tí ń dúró de iṣẹ́ abẹ, iye wọn sì jẹ́ 2,051. Ìfòyà àwọn tí a gbé orin fún dín kù ju ti àwọn tí a kò gbé orin fún lọ. Ìyẹn kò sọ pé ìfòyà tán pátápátá. Ó dín kù, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Báwo ni ẹ ó ṣe wá yan orin? Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìyára rẹ̀ wò. Ẹ gbé aago síwájú, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí orin náà ṣe ń lọ, fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí ẹsẹ̀ yín bá kan ilẹ̀ nígbà 15 sí 20, ìyẹn ni 60 sí 80 ní ìṣẹ́jú kan, orin náà dára fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá tó 30, orin ijó ni. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbọ́ ọ dé òpin. Àwo orin jùjú àtijọ́ ṣòro ní ọ̀nà yìí. Ó lè bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí omi tí ń ṣàn, ṣùgbọ́n orin kan máa ń wọ inú èkejì láìdúró, kí ẹ sì tó mọ̀, gángan ti wọlé, oríkì ti bẹ̀rẹ̀, ara ti fẹ́ jó.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ inú orin náà àti ohun tí ó ń ránni létí. Orin tí a kọ níbi ìsìnkú ìyá àgbà, bí ó ti wù kí ó rọra tó, omijé ni yóò fà. Orin tí ń ka ọ̀tá lẹ́sẹẹsẹ, tí ń pe iná lé wọn lórí, kì í jẹ́ kí ọkàn sinmi, nítorí pé ọ̀rọ̀ ogun ni. Ẹ mú orin tí ọmọ náà ti mọ̀ tipẹ́, ní èdè tí ó fi ń ronú. Ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin tiwa yìí, ó lè jẹ́ èdè Yorùbá tàbí ti Ígbò, tàbí èdè mìíràn. Orin inú ìwé orin ìjọ, tí a ń kọ fàá, dára púpọ̀. Kéwú kì í ṣe orin, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tí ó bá fi sùúrù ka èyí tí ó há sórí, tí ó ń sinmi níbi tí ó yẹ, yóò rí i pé èémí òun rọ̀ ní ọ̀nà kan náà.

Ohun kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lọ: kí orin náà jẹ́ èyí tí a lè fi ẹnu kọ láìní ẹ̀rọ. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò Jáàmù ti di ti orí kọ̀ǹpútà fún gbogbo ènìyàn, ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì. A kì í gba fóònù tàbí íápíìsì láàyè nínú gbọ̀ngàn náà. Ọmọ tí ó ti fi gbogbo ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ sínú fóònù yóò fi í sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ọmọbìnrin kan tí ń gbé ní ìlú Fẹ́sítàkì, tí ìdánwò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ìyá rẹ̀ bá a mú orin méjì. Ó fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, ó ka lílù iṣan ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ká ní ó jẹ́ 92. Ọmọ náà jókòó, ó ń fi imú fa èémí wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́ nígbà mẹ́rin, ó sì ń kùn gbólóhùn orin kan nínú imú fún ìlù mẹ́fà kí ó tó tún mí. Bí ìlù kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan, èémí mẹ́fà ni ìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n tún ka iṣan náà. Orin àkọ́kọ́ mú un sọ̀ kalẹ̀ sí 82. Ìkejì fi í sílẹ̀ ní 92, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Wọ́n fi ìkejì sílẹ̀. Alaalẹ́ ni ó fi ń kọ ti àkọ́kọ́ kí ó tó sùn, títí ó fi mọ́ ọn lára.

Ní alẹ́ ọ̀la ìdánwò, rédíò tàbí fóònù lè máa kọ ọ́ jẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí a sì pa á kí oorun tó wọlé. Ní òwúrọ̀, wọ́n kúrò nílé ní kùtù, nítorí pé ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dì ní Máìlì Tuù. Nínú ọkọ̀, tí ariwo kọ̀ǹdọ́ kò jẹ́ kí a gbọ́ nǹkan, ó ń kọ orin náà nínú ọkàn, ó sì ń mí bí ó ti kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú méjì kí ó tó wọ gbọ̀ngàn, ó dákẹ́ pátápátá. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ní ìdí. Ní ọdún 2006, Bẹnádì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé orin oríṣiríṣi fún ènìyàn 24, wọ́n sì rí i pé ara sinmi nínú ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi sáàárín orin ju ìgbà tí orin fúnra rẹ̀ ń lọ lọ. Bí ìbéèrè kan bá dẹ́rù bà á nínú gbọ̀ngàn, gbólóhùn mẹ́ta péré ni yóò kọ nínú ọkàn, ìyẹn ìdajì ìṣẹ́jú, kí ó tó tún ìbéèrè náà kà.

Ọ̀nà kan náà ni ẹni tí ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yóò lò nígbà tí ó bá ń dúró kí a pe orúkọ òun.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí ó yẹ kí a yẹra fún. Ẹ má ṣe yan orin tuntun ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ohun tí a kò tíì mọ̀ kò lè tuni nínú. Bí ọmọ bá ń kàwé, ẹ pa orin tí ó ní ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ orin àti ọ̀rọ̀ ìwé yóò máa jà nínú ọpọlọ kan náà. Bí òòyì bá kọ́ ọ nígbà tí ó ń mí, a jẹ́ pé ó ń fi agbára fa èémí jù. Kí ó dẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fi íápíìsì gbọ́ orin, ó yẹ kí ó ṣì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dúró nítòsí rẹ̀, kí ó sì yọ ọ́ kí ó tó sọdá títì Bàdágìrì.

Orin kò lè fi ohun tí a kò kà sínú orí, kò sì lè dípò oorun. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní oògùn oorun tàbí oògùn tí ẹlòmíràn ń lò fún àyà jíjá. Bí ìfòyà náà bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jẹ́ kí ó sùn tàbí kí ó jẹun, bí ó bá ń dákú, tàbí bí ó bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú ju kí òun fìdí rẹmi lọ, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá orin. Ẹ má ṣe bá a wí, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún nọ́ọ̀sì bí ó ṣe sọ ọ́.

Bí kò bá tíì dé bẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ òní. Ẹ bi ọmọ yín léèrè pé orin wo ni ẹ fi ń rẹ òun nígbà tí òun wà ní kékeré. Bí ó bá ṣì rántí rẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ lù ú, kí ẹ sì kà á.