Ihò Omi Ilẹ̀ Balùwẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣe É Kí Ilé Má Baà Jò

Ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà kúrò nílẹ̀ balùwẹ̀ ni àwọn plọ́ńbà ń pè ní fúlóò dírénì. Lábẹ́ rẹ̀ ni tírápù wà, ìyẹn páìpù tí wọ́n tẹ̀ bí ìkọ́ kí omi díẹ̀ lè máa dúró sínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Omi yìí ni kì í jẹ́ kí òórùn àti aáyán gba inú páìpù wọlé. Ó yẹ kí ó jìn tó mílímítà 50, nǹkan bí ínṣì méjì. Bí kò bá jìn tó bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ gbẹ tí ọyẹ́ bá dé, pàápàá ní balùwẹ̀ tí a kì í sábà lò.

Ìta ilé ni gọ́lì tírápù máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òun ló ń gba omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ kí wọ́n tó lọ sí sọ́kàwéè. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í gba ibẹ̀ kọjá. Páìpù tó ń bọ̀ láti inú ilé gbọ́dọ̀ yọ sí abẹ́ irin àwọ̀n tó bo ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó wà lókè omi tó dúró nínú rẹ̀. Ẹnu gọ́lì gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ ju ilẹ̀ àgbàlá lọ, kí àgbàrá òjò má baà rọ́ wọ inú rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni balùwẹ̀ orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí ibẹ̀ ni páìpù ti ń gba inú dẹ́kìn kọjá. Ẹ jẹ́ kí a mú balùwẹ̀ kan tó gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 1.5. Ihò omi wà ní igun kan, ẹnu ọ̀nà sì wà ní igun tó kọjú sí i. Láti igun kan dé èkejì jẹ́ mítà 2.5. Bí ilẹ̀ bá ń rẹlẹ̀ ní mílímítà 20 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, ihò gbọ́dọ̀ fi mílímítà 50 rẹlẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ.

Plọ́ńbà á kọ́kọ́ so páìpù oníínṣì mẹ́ta àti tírápù mọ́ abẹ́ dẹ́kìn, á sì jẹ́ kí páìpù náà dagun síta. Sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ rọ́bà tó ń dán. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ fi pépà ìhora ha ara páìpù níbi tó ti gba inú dẹ́kìn kọjá. Lẹ́yìn náà ni yóò fi pákó dí ìsàlẹ̀, tí yóò fi omi rin ẹ̀gbẹ́ ihò náà, tí yóò sì fi sìmẹ́ńtì tí kì í sún kì tí ó bá gbẹ kún un. Sìmẹ́ńtì lásán máa ń sún kì, á sì fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ yí páìpù ká.

Bíríkìlà á wá fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀ kí ó dagun sí ibi ihò. Nígbà tí ó bá gbẹ, wọ́n á kun ohun ìdènà omi sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì dábùú àkọ́kọ́. Ìkunra yìí gbọ́dọ̀ gun ara ògiri, ó kéré tán ní mílímítà 150. Níbi tí omi ṣáwà ti ń dà, ó gbọ́dọ̀ ga tó èèyàn. Ní àyíká ihò, a ó tẹ́ aṣọ àwọ̀n sínú ìkunra àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì tutù, kí ó bo ètè dírénì, kí a tó kun ìkejì. Omi máa ń gba àárín táìsì wọlé díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ìkunra gbọ́dọ̀ parí sórí ètè yìí kí omi náà lè rí ihò wọ̀.

Kí a tó lẹ táìsì, a ó dí ihò, a ó sé ẹnu ọ̀nà, a ó sì da omi títí yóò fi bo ilẹ̀ gbogbo. A ó fàmì sí ibi tó dé lára ògiri, a ó sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí ọ̀rinrin bá yọ lábẹ́ dẹ́kìn, a ó tún un ṣe, a ó sì tún un dán wò.

Lẹ́yìn tí a bá ti ń lo balùwẹ̀, àmì ló ń sọ ibi tí àìsàn wà. Bí àjà ìsàlẹ̀ bá ń tutù kìkì lẹ́yìn tí èèyàn bá wẹ̀, àyíká ihò tàbí ìkunra ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá ń tutù tọ̀sán tòru, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ páìpù tó ń gbé omi wọlé. Bí ó bá jẹ́ òórùn ni, ẹ da omi garawa kan sínú ihò. Bí òórùn náà bá lọ, tírápù ló gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ibi tó ń jò bá jẹ́ àyíká ihò, kíkun sìmẹ́ńtì sí abẹ́ àjà kò lè wò ó. Àfi kí a hú táìsì kúrò, kí a tún ìkunra ṣe láti òkè.