Ìdí Tí Òkun Fi Ń Kún Jù Lásìkò Ìtúnu Ààwẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 18 oṣù Ògọ́sì ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kúrámò ní Èkó. Ó gbá ilé pákó lọ, ó sì gba ẹ̀mí àwọn èèyàn. Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe Sọ́ńdè, àwọn Mùsùlùmí ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọjọ́ méjèèjì yìí á ní wọ́n kàn bọ́ sí kòńgẹ́ ni. Àmọ́ oṣù tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó túnu ní ọwọ́ nínú bí omi ṣe ń ga. Ní ọjọ́ 17, ọjọ́ kan ṣáájú kí òkun tó ya, òṣùpá ti bọ́ sáàárín oòrùn àti ayé. Ìgbà tí àwọn mẹ́ta yìí bá tò sójú ìlà kan ni òkun máa ń kún jù, ìgbà náà ló sì máa ń fà jù.

Gbogbo ẹni tó bá gbé létí òkun ló mọ̀ pé omi máa ń kún, á sì tún fà, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sán kan òru kan. Òṣùpá ló fà á, ọ̀nà tó sì gbà ń fà á yẹ ká fara balẹ̀ wò. Bí nǹkan bá ṣe sún mọ́ òṣùpá tó ni òṣùpá ṣe ń fà á tó. Omi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ayé tó kọjú sí òṣùpá sún mọ́ ọn ju àárín gbùngbùn ayé lọ, nítorí náà ó ń fa omi yẹn ju bó ṣe ń fa ayé fúnra rẹ̀ lọ, omi á sì wú síbẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tó kẹ̀yìn sí òṣùpá, omi ló jìnnà jù. Òṣùpá ń fa ayé ju omi ibẹ̀ lọ, omi á ṣẹ́ kù sẹ́yìn, á sì wú níbẹ̀ náà. Ibi méjì ni omi ti wú nìyẹn, níwájú àti lẹ́yìn, omi á sì lọ sílẹ̀ láàárín wọn. Bí ayé ṣe ń yí, ìlú kọ̀ọ̀kan tó wà létí òkun á gba abẹ́ ibi méjèèjì kọjá. Isaac Newton ló kọ́kọ́ ṣe àlàyé yìí, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1687.

Oòrùn náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an. Oòrùn tẹ̀wọ̀n ju òṣùpá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mílíọ̀nù 27. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé òṣùpá ni ọ̀gá lórí òkun? Ọ̀nà ló jìn. Oòrùn jìnnà sí wa ju òṣùpá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 390, ohun tó sì ń wú omi ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí a ṣe fa iwájú ayé àti bí a ṣe fa ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í pẹ́ tán bí ọ̀nà bá ti jìn: bí ohun tó ń fà bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ìyàtọ̀ náà á di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí a bá fi 390 sọ 390 di púpọ̀, tí a tún fi 390 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 59 àti ààbọ̀. Tí a bá wá fi iye yẹn pín mílíọ̀nù 27 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó máa kù sí oòrùn lọ́wọ́ kò tó ìlàjì agbára òṣùpá: bí ti òṣùpá bá jẹ́ 100, ti oòrùn á jẹ́ nǹkan bí 46.

Tí òṣùpá kò bá hàn rárá lójú ọ̀run, òun àti oòrùn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ayé. Ibi tí òṣùpá ń wú omi sí ni oòrùn náà ń wú u sí, agbára wọn á sì di 146. Nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, ayé ló wà láàárín, oòrùn lápá kan, òṣùpá lápá kejì. Àwọn kan máa ń rò pé wọ́n á máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ibi méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń wú omi sí, níwájú àti lẹ́yìn, nítorí náà 146 kan náà ni. Nígbà tí òṣùpá bá wá di ààbọ̀, oòrùn kò sí lójú ìlà yẹn mọ́, ó ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ibi tí òṣùpá ti ń fẹ́ kí omi lọ sílẹ̀ gan-an ni oòrùn ti ń wú u. A ó yọ 46 kúrò nínú 100, á ku 54. Omi kékeré nìyẹn: kò ní kún púpọ̀, kò sì ní fà púpọ̀. Láti omi ńlá kan sí ìkejì, ó ń gbà tó ọjọ́ 15 ó dín díẹ̀.

Òkun kì í dáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Omi pọ̀, ó nípọn, ilẹ̀ sì ń dí i lọ́nà, nítorí náà omi ńlá sábà máa ń dé ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tò tán. Ní ọjọ́ 20 oṣù Mááṣì ọdún 2015, òṣùpá bo oòrùn lójú, ìyẹn ni pé ìtò náà gún régé, òṣùpá sì tún sún mọ́ ayé gan-an. Ọjọ́ kejì ni omi tó wá ga jù ní Mont-Saint-Michel nílẹ̀ Faransé, níbi tí ìyàtọ̀ láàárín omi tó kún àti omi tó fà tó nǹkan bíi mítà 14.

Fún ẹni tó bá ní kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí nílé, ìdúró yìí mú kí nǹkan rọrùn. Nígbà tí wọ́n bá máa rí oṣù lójú, ọjọ́ kan tàbí méjì ti kọjá lórí ìtò náà, nítorí náà ọjọ́ kìíní oṣù máa ń bọ́ sí omi ńlá. Ìtúnu Ààwẹ̀ nìyẹn lọ́dọọdún. Àárín oṣù náà tún jẹ́ omi ńlá. Iléyá yàtọ̀: ọjọ́ kẹwàá oṣù ni, omi kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà náà ni.

Èkó kì í ṣe Faransé o. Bí etíkun ṣe rí àti bí ìsàlẹ̀ òkun ṣe jìn tó ló ń pinnu bí omi á ṣe ga tó níbì kan. Ní Èkó, nǹkan bíi mítà kan péré ni ìyàtọ̀ láàárín kíkún àti fífà nígbà omi ńlá. Òṣùpá nìkan kò lè gbá ilé lọ níbẹ̀. Ìgbì ló ń gbá ilé lọ, ìjì tó jà jìnnà réré lójú òkun sì lè rán ìgbì wá láìka òṣùpá sí. Iṣẹ́ omi ńlá ni láti gbé ìgbì yẹn sókè, kí ó lè dé ibi tí kì í dé. Ohun tó tún mú kí omi kékeré ṣòro láti gbọ́kàn lé nìyẹn, torí ìgbì lè le lọ́jọ́ náà.

Iyanrìn fúnra rẹ̀ máa ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ wo ìlà pàǹtírí, àwọn ewéko òkun, igi wẹ́wẹ́, ọ̀rá àti ìkarahun, tí omi fi sílẹ̀ níbi tó ti gòkè dé. Bí ìlà bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá tẹ̀ léra láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, omi ti ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ló wà, tó tutù, tó sì wà lókè pátápátá, omi ṣì ń gòkè, ó ti gbá àwọn tó wà tẹ́lẹ̀ lọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó àwọn ọmọ lọ sétí òkun lọ́jọ́ Ìtúnu, ẹ tẹ́ ẹní yín sí òkè ìlà yẹn dáadáa, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan ṣeré nísàlẹ̀ rẹ̀ láìsí àgbàlagbà lọ́dọ̀ rẹ̀.