Ilé Epo Kì í Wa Epo: Bí A Ṣe Ń Dá Ẹ̀ka Mẹ́ta Ọrọ̀-Ajé Mọ̀ Yàtọ̀

Ẹ bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan léèrè pé ẹ̀ka wo nínú ọrọ̀-ajé ni ilé epo tó wà ní ìkóríta àdúgbò yín wà. Mo ti bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mò ń kọ́. Púpọ̀ nínú wọn máa ń dáhùn kíá pé ẹ̀ka kìíní ni, torí pé inú ilẹ̀ ni epo ti ń wá. Ìdáhùn náà kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó dára láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá rí ibi tó ti wọ́ ti rí kókó ẹ̀kọ́ náà.

Allan Fisher, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ ilẹ̀ Níú Sílándì, ló sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ka kẹta nínú ìwé kan tó gbé jáde ní 1935. Colin Clark náà tún mú ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ní 1940. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pín iṣẹ́ sí mẹ́ta. Ẹ̀ka kìíní ni ti àwọn tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ilẹ̀, igbó àti omi: àgbẹ̀, apẹja, agégẹdú, awakùsà. Ẹ̀ka kejì ni ti àwọn tó ń sọ nǹkan wọ̀nyẹn di nǹkan mìíràn, àti àwọn tó ń kọ́lé tàbí tó ń la ọ̀nà. Ẹ̀ka kẹta ni ti àwọn tó ń ta iṣẹ́ tí wọ́n ń bá èèyàn ṣe: ọlọ́jà, awakọ̀, báńkì, ilé-ìwòsàn, ilé-iṣẹ́ fóònù.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé epo náà wá. Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì tó pọ̀ tó láti fi ṣòwò ní Oloibiri, ní agbègbè tó ti di ìpínlẹ̀ Bayelsa báyìí. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń gbẹ́ kànga epo, tó ń fa epo rọ̀bì jáde, ẹ̀ka kìíní ló wà. Kò sẹ́ni tó lè rọ epo rọ̀bì sínú ọkọ̀ kó máa lọ, nítorí náà wọ́n á gbé e lọ sílé-iṣẹ́ ìfọpo. Èyí tí Dangote kọ́ sí Ìbẹ̀jù-Lẹ́kìí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, ni wọ́n ṣe kó lè fọ 650,000 àgbá lójúmọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi iná gbígbóná sọ epo rọ̀bì di oru, tí oru náà á sì pín sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bó ṣe ń tutù: bẹntiróò, kẹrosíìnì, dísù. Ohun tó wọlé kọ́ ló jáde mọ́, ẹ̀ka kejì sì nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni táńkà á gbé bẹntiróò lọ sílé epo. Ilé epo kò wa nǹkan kan, kò sì fọ nǹkan kan. Bẹntiróò ló rà, bẹntiróò náà ló tà. Ohun tó fi ń jẹun ni pé ó gbé e wá sítòsí yín, ó tọ́jú rẹ̀ sínú táńkì abẹ́ ilẹ̀, ó sì ń wọ̀n ọ́n fún yín ní lítà. Òun àti onítáńkà tó gbé epo wá, ẹ̀ka kẹta ni wọ́n jọ wà.

Ọjà kan náà nìyẹn, ó sì kọjá nínú ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyí tí wíwo orúkọ ọjà fi máa ń ṣini lọ́nà. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe ni pé kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà nínú ọkàn wọn, kí wọ́n wo ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde. Bí ohun tó ń jáde bá jẹ́ èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ tàbí omi fúnra rẹ̀, ẹ̀ka kìíní ni. Bí ohun tó jáde bá ti di nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó wọlé, ẹ̀ka kejì ni. Bó bá jẹ́ ohun kan náà ló wọlé tó sì jáde, tàbí tó jẹ́ pé kò sí ohun tí a lè fọwọ́ mú tó jáde rárá, ẹ̀ka kẹta ni.

Ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì tó wà ní Ewékoro, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti 1960 rọrùn láti dá mọ̀ lọ́nà yìí. Òkúta ẹfun àti amọ̀ ló ń wọlé. Wọ́n á lọ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á sun wọ́n nínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì títí wọ́n á fi di kóró líle, wọ́n á sì tún lọ kóró náà. Símẹ́ńtì ló jáde. Ẹ̀ka kejì ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Kòkó le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ ní Ìdànrè kì í ká kòkó tán kó sì tà á lójú ẹsẹ̀. Yóò la á, yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kó lè kan, yóò sì sá a sóòrùn títí omi inú rẹ̀ yóò fi kù sí nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé àgbẹ̀ náà ti kúrò ní ẹ̀ka kìíní? Rárá. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń to iṣẹ́ sí ìsọ̀rí, ìtọ́jú irè oko kó tó dé ọjà jẹ́ apá kan iṣẹ́ àgbẹ̀. Kóró kòkó ló ṣì ń tà. Oníṣòwò tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì kó o pamọ́ sí ilé ìkẹ́rù, ẹ̀ka kẹta ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń lọ kòkó ní Ilé-Olúji, tó ń fún òróró rẹ̀ sọ́tọ̀, tó sì ń sọ èyí tó kù di ìyẹ̀fun, ẹ̀ka kejì ni, bíi ti Cadbury ní Ìkẹjà tó ń fi kòkó ṣe Bournvita.

Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń pọ̀ jù ní kíláàsì ni ti búrẹ́dì àti búkà. Ìyẹ̀fun wọlé, búrẹ́dì jáde: ẹ̀ka kejì ni ilé búrẹ́dì. Ìrẹsì tútù wọlé, ìrẹsì jíjinná jáde: kí ló dé tí búkà kò fi sí ní ẹ̀ka kejì? Ìbéèrè tó dára ni, mo sì fẹ́ràn ọmọ tó bá béèrè rẹ̀. Nínú ìlànà kan náà, oúnjẹ tí wọ́n sè fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ kò sí lára iṣẹ́ ìmújáde. Ẹni tó lọ sí búkà, àga àti tábìlì, àwo, ẹni tó bù ú fún un àti ẹni tó fọ àwo ló ń san owó wọn pọ̀ mọ́ ti ìrẹsì. Ìtọ́jú ni búkà ń tà. Búrẹ́dì ní tirẹ̀ lè wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, kí ẹni tí kò mọ ẹni tó ṣe é rà á.

Télọ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó gba aṣọ lọ́wọ́ yín tó sì rán bùbá àti ìró fún yín, ẹ̀ka kejì ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kiri àdúgbò, tó ń dí ṣòkòtò tó ya, ẹ̀ka kẹta ló wà, nítorí ṣòkòtò ló wọlé, ṣòkòtò ló sì jáde. Mẹkáníìkì wà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe tóbi tó kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹ̀ka tó wà.

Kí wá ni ká ṣe sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ká ní obìnrin kan ní oko ẹ̀gẹ́, ó ní ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí, ó tún ní ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tó fi ń tà á. Ìlànà náà ní kí a wo ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti fi owó kún ọjà jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ọdún kan.

Bó bá ta ẹ̀gẹ́ náà lóko, mílíọ̀nù 6 náírà ni ì bá pa. Igi ẹ̀gẹ́, ajílẹ̀, oògùn koríko àti owó tó fi háyà katakata jẹ́ mílíọ̀nù 2. Oko fi mílíọ̀nù 4 kún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bó ẹ̀gẹ́ yìí, wọ́n rin ín, wọ́n fi jáàkì fún omi rẹ̀, wọ́n kù ú, wọ́n sì yan án. Gààrí tó jáde tó mílíọ̀nù 15. A ó yọ mílíọ̀nù 6 ẹ̀gẹ́ kúrò, a ó yọ mílíọ̀nù 2 igi ìdáná, dísù àti àpò, yóò ku mílíọ̀nù 7. Ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ di mílíọ̀nù 18. Bí a bá yọ mílíọ̀nù 15 gààrí àti mílíọ̀nù 1 bẹntiróò àti owó ṣọ́ọ̀bù, ó ku mílíọ̀nù 2.

Mẹ́rin, méje, méjì. Ẹ̀ka kejì ni ilé-iṣẹ́ obìnrin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù nìkan ni àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀. Ẹ kíyè sí i pé a kò yọ owó àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọ sábà máa ń yọ ọ́, ìṣirò á sì dàrú, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn gan-an wà lára ohun tó fi owó kún ọjà náà.

Ká wá sọ pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, dísù wọ́n, ó ta ẹ̀rọ tó fi ń rin ẹ̀gẹ́, ó fi oko sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra gààrí tí wọ́n ti yan lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé, ó ń wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Orúkọ kan náà, gààrí kan náà. Ṣùgbọ́n gààrí ló wọlé, gààrí ló jáde. Ó ti di oníṣòwò, ẹ̀ka kẹta ló sì wà báyìí. Ẹni tó bá ń wo ọ̀rá nìkan kò lè mọ̀.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń dààmú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn. Nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwakùsà àti epo rọ̀bì wà ní ẹ̀ka kìíní pẹ̀lú iṣẹ́ àgbẹ̀. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tó wà ní Àbújá, kì í tò ó bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀rí mẹ́ta ni tiwọn náà, iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá àti iṣẹ́ ìpèsè, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì àti ìwakùsà wà ní ìsọ̀rí kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ símẹ́ńtì, búrẹ́dì àti ilé kíkọ́. Nínú ìdánwò, ti ìwé kíláàsì ni kí ọmọ kọ. Àmọ́ bí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé ìsọ̀rí kejì gbèrú ní oṣù mẹ́ta kan, ẹ wo ìlà epo rọ̀bì kí ẹ tó gbà pé àwọn tó ń ṣe ọjà ló ṣe dáadáa, nítorí ó lè jẹ́ pé epo tí wọ́n fà jáde nìkan ló pọ̀ sí i, kí àwọn ilé búrẹ́dì sì wà bí wọ́n ṣe wà.