Ìròyìn Adoríkodò
Nínú ìròyìn tí a tò bíi pírámíìdì adoríkodò, kókó ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú, ìtàn àtẹ̀yìnwá ló ń kẹ́yìn, kí olóòtú lè gé e láti ìsàlẹ̀ bí àyè kò bá tó. Ní 1865, Lawrence Gobright tẹ wáyà pé wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ Lincoln ní tíátà, bóyá yóò kú. Gbólóhùn kan péré, ó tó.

Ṣùgbọ́n nígbà ìsìnkú Kennedy ní 1963, gbogbo ayé ti gbọ́. Jimmy Breslin wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ilé ẹni tó gbẹ́ sàréè náà, níbi tó ti ń jẹun àárọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí kókó ìròyìn kì í ṣe tuntun mọ́. Bí iná bá ṣì ń jó lọ́wọ́, irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kàn dá òǹkàwé dúró ni.