Èsì fún Àlejò Tí Kò Rí Oorun Sùn

Ká ní àlejò kan san ₦60,000 fún alẹ́ méjì ní òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn. Lálẹ́ àkọ́kọ́, àríyá gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ kò dákẹ́ títí di aago méjì òru. Ó ní kí wọ́n dá gbogbo owó òun padà.

Ìwé àkọsílẹ̀ òru ló yẹ kí máníjà kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó wà níbẹ̀: àlejò pè láago mọ́kànlá, wọn ò fún un ní yàrá mìíràn. Òtẹ́ẹ̀lì jẹ̀bi.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà Nàìjíríà ti ọdún 2018 sì fàyè gba dídá ìwọ̀n owó tó bá àléébù iṣẹ́ mu padà.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ pè wá, a ò ṣe nǹkan kan. ₦30,000 alẹ́ àkọ́kọ́ yóò wọ àkáǹtì yín lọ́la. Alẹ́ kejì dákẹ́ rọ́rọ́, a ò lè dá tiẹ̀ padà.”

“Bí ó bá dí yín lọ́wọ́” kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ̀dínwó ìgbà mìíràn kì í sì í ṣe owó àdápadà.