Ẹni Tó ń Wò Kì í Ṣe Ẹni Tó ń Rà: Ọ̀rọ̀ Lórí Wasáàpù àti Oníbàárà Wa

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé ọjà sórí sítátọ́ọ̀sì báyìí. Àwọn èèyàn á wò ó lọ́ bẹẹrẹ, ẹnì kan péré á béèrè iye. Tó bá di wákàtí 24, ó ti parẹ́ nìyẹn. Èmi ò ní ká má gbé e o, àmọ́ ẹni tó ti ra ọjà wa rí, tí ọjà ọ̀hún sì fẹ́ tán nílé rẹ̀, òun ni ká kọ́kọ́ wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá tó ń ta èlùbọ́, tó ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Ká ní rọ́bà kan ń tó ìdílé kan jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó bá ku bí ọjọ́ mẹ́rin ni kí ìyá bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìwé kékeré tó kọ orúkọ, ọjọ́ àti iye rọ́bà sí ló máa sọ ọjọ́ náà fún un.

Fún irú ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí wọ́n kọ New broadcast sí ló dáa. Èèyàn 256 lẹ lè kó síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó kọ ọ́, kálukú á sì gbà á bíi pé òun nìkan lẹ bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà. Ibí ló ti ń dà rú fún ọ̀pọ̀ wa, a ó rò pé wọn ò fẹ́ rà ni. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ yan Info. Ẹni tí kò bá sí lábẹ́ Delivered lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ pè é. Ọjọ́ tó bá ń sanwó gan-an ló yẹ ká ti sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi nọ́ńbà mi pamọ́.”

Gúrúùpù ńkọ́? Gbogbo wọn ló ń rí nọ́ńbà ara wọn níbẹ̀. Ẹlẹ́gbẹ́ wa lè wọlé, kó máa pe àwọn oníbàárà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá tilẹ̀ tì í kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń sọ̀rọ̀, nọ́ńbà ṣì wà níta. Community tí Wasáàpù gbé jáde lọ́dún 2022 sàn díẹ̀, torí àwọn tó wà níbi ìkéde rẹ̀ kì í rí nọ́ńbà ara wọn.

Àwọn tó bá ti rà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ya tiwọn sọ́tọ̀. Ní sítátọ́ọ̀sì, ẹ yan Only share with, kẹ́ ẹ mú orúkọ wọn. Irú rẹ̀ ni Close Friends táwọn ọmọ wa ń lò lórí Ínsítágíráàmù. Èlùbọ́ tuntun tó funfun dáadáa, àwọn ni kó kọ́kọ́ rí i, kẹ́ ẹ sì dá a dúró dè wọ́n títí di ọ̀sán. Bẹ́ ẹ bá tà á fún ẹlòmíràn kí ọ̀sán tó pé, wọn ò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Ẹ má sì máa kọ̀wé sí wọn lójoojúmọ́ o. Ẹni tó bá sú á tì yín pa, ẹ ò sì ní mọ̀.