Omi Díẹ̀, Aṣọ Mímọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Irú ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà. Ọ̀kan ni ẹlẹ́nu-òkè, tí à ń ṣí ìdérí rẹ̀ sókè, tí àgbá inú rẹ̀ sì dúró lóòró. Èkejì ni ẹlẹ́nu-iwájú, tí ìlẹ̀kùn onídígí rẹ̀ kọjú sí ẹni tó ń lò ó, tí àgbá inú rẹ̀ sì dùbúlẹ̀. Ìdúró àti ìdùbúlẹ̀ àgbá yìí ló pinnu iye omi tí ẹ̀rọ yóò mu, bí aṣọ yóò ṣe mọ́ tó, àti bí aṣọ náà yóò ṣe pẹ́ lára ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹlẹ́nu-iwájú kì í jẹ omi púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fura pé aṣọ kò lè mọ́ dáadáa nínú omi tí kò tó nǹkan. Ohun tí ìwé yìí fẹ́ fi hàn ni pé omi díẹ̀ yẹn gan-an wà lára ohun tó ń mú kí ẹlẹ́nu-iwájú fọṣọ mọ́, bí ọṣẹ, ìwọ̀n aṣọ àti agbára omi inú ilé bá ti bá a mu.

Ẹ wo bí ẹ̀rọ ẹlẹ́nu-òkè ti àtijọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Òpó kan wà láàárín àgbá rẹ̀, tó ń yí síwá sẹ́yìn, tó ń fa aṣọ káàkiri. Aṣọ kò lè rìn káàkiri bí kò bá léfòó, kò sì lè léfòó bí omi kò bá bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni ẹ̀rọ náà ṣe gbọ́dọ̀ kún, kó tún dà á nù, kó tún kún láti fi ṣan aṣọ. Irú rẹ̀ lè mu lítà 150 ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ti ẹlẹ́nu-iwájú kò rí bẹ́ẹ̀. Omi rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àgbá nìkan. Bí àgbá ti ń yí ni àwọn ìkọ́ tó wà lára rẹ̀ ń gbé aṣọ tó ti rin sókè, nígbà tí aṣọ bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè, á jábọ́ sínú omi ọṣẹ nísàlẹ̀. Ìjábọ́ yìí ló ń fún omi ọṣẹ wọ inú òwú aṣọ, tó sì ń lé ìdọ̀tí jáde. Èyí tó jẹ́ tuntun nínú wọn sábà máa ń lo nǹkan bíi lítà 50 sí 70.

A ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ilé àwọn ènìyàn, kì í ṣe nínú yàrá ìwádìí nìkan. Lọ́dún 1997, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára iná yan Bern, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kánsáàsì. Wọ́n kọ́kọ́ wọn omi àti iná tí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí àwọn ará ìlú náà ti ní tẹ́lẹ̀ ń lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ẹ̀rọ tí àgbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ilé bíi 100, wọ́n sì tún wọn ọ́n. Aṣọ kan náà ni, àwọn tó ń fọ̀ ọ́ kò yí padà. Omi tí wọ́n ń lò fún ìfọ̀ kan wálẹ̀ láti nǹkan bíi lítà 157 sí lítà 98, iná sì dín kù ju ìdajì lọ, nítorí omi gbígbóná tí ẹ̀rọ ń fẹ́ ti dín kù. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn ni o; àwọn tó dé lẹ́yìn wọn tún dín omi kù sí i. Ohun tó wú mi lórí nínú ìdánwò yìí ni pé kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn ará Bern láti máa ṣọ́ omi lò. Ìdùbúlẹ̀ àgbá ló ṣe é.

Ẹnìkan lè wá sọ pé omi ló ń fọ aṣọ, ẹni tó bá dín omi kù ti dín ìmọ́tótó kù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Herbert Sinner, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, ṣàlàyé lọ́dún 1959 pé nǹkan mẹ́rin ló ń para pọ̀ fọ nǹkan mọ́: agbára ọṣẹ, agbára ìfọ̀, ooru, àti àkókò, bí ọ̀kan bá sì dín kù, a gbọ́dọ̀ fi òmíràn dí i. Ọṣẹ ìwọ̀n kan náà tí a bá pò mọ́ omi tó dín ní ìlọ́po méjì yóò mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìjábọ́ aṣọ dípò ìfàkáàkiri, àti wákàtí kan tàbí méjì dípò nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ló ṣe ìyókù. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́nu-iwájú tún ní wáyà ìgbóná nínú ara wọn, tó lè mú omi gbóná dé 60 lórí ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì, kó lè yọ òróró ọbẹ̀ lára aṣọ onílé oúnjẹ tàbí kó lè fọ aṣọ ọmọ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́nu-òkè ọjà wa kò ní i, omi tútù ni wọ́n ń lò.

Ṣíṣan aṣọ ni ibi tí iyèméjì pọ̀ jù sí, ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò yanjú rẹ̀. Ká sọ pé aṣọ tí a ti fún ṣì ní lítà omi ọṣẹ 5 nínú. Bí a bá da omi mímọ́ lítà 45 sí i lẹ́ẹ̀kan, tí a sì tún un fún títí ó fi ku lítà 5, ọṣẹ tó ṣẹ́ kù jẹ́ ìdá kan nínú 10. Bí a bá wá pín lítà 45 yẹn sí ọ̀nà mẹ́ta, tí a ń da lítà 15 sí i, tí a ń fún un, tí a tún ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú 4 ló ń kù lẹ́yìn ẹ̀kínní, ìdá kan nínú 16 lẹ́yìn èkejì, ìdá kan nínú 64 lẹ́yìn ẹ̀kẹta. Omi kan náà, àbájáde ọ̀tọ̀. Bí ẹlẹ́nu-iwájú ṣe ń ṣan aṣọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni fífún rẹ̀ sì tún lágbára jù: ọ̀pọ̀ wọn ń yí ní ìgbà 1,000 sí 1,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́nu-òkè ń yí ní nǹkan bíi 700. Ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yún nítorí ọṣẹ lè fi ṣíṣan kan kún un.

Ní ti ìtọ́jú aṣọ, òpó àárín ni ọ̀tá léèsì. Ó ń lọ́ okùn aṣọ mọ́ra, ó ń fa ọrùn súwẹ́tà gùn, ó sì ń ha òwú jáde, èyí tí ẹ ń rí nínú asẹ́. Àwọn ẹlẹ́nu-òkè tuntun kan ti yọ òpó yẹn kúrò, àwo pẹrẹsẹ kan ló ń yí nísàlẹ̀. Wọ́n ń mu omi tó kéré sí ti olópòó, wọ́n sì rọ aṣọ lọ́rùn díẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń so ó pọ̀. Ẹ má ṣe rò pé ẹlẹ́nu-iwájú kò lè ba aṣọ jẹ́ o. Wákàtí méjì nínú àgbá náà ń jẹ òwú, fífún líle sì ń rún léèsì, nítorí náà ẹ dín ìyára rẹ̀ kù fún un. Àdìrẹ tó ń ṣí yóò ṣí sínú omi díẹ̀ yẹn, àwọ̀ rẹ̀ á sì ki. Òun nìkan ni kí ẹ fọ̀. Aṣọ òkè kò yẹ nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ̀sùn méjì tó wúwo jù tí àwọn tó kórìíra ẹlẹ́nu-iwájú ń mú wá jẹ́ òdodo, kò sì yẹ ká bò wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ọṣẹ. Ọṣẹ ẹlẹ́bu tí a ń fi ọwọ́ fọṣọ máa ń hó púpọ̀. Bí ìfófòó bá kún àgbá, aṣọ á jábọ́ sórí rẹ̀ bí ẹni tó jábọ́ sórí tìmùtìmù, ìjábọ́ náà kò ní lágbára mọ́, ẹ̀rọ á sì máa ṣan án léraléra. Ẹni tó bá rí ìfófòó tó dé ìdajì dígí, tàbí tí aṣọ rẹ̀ gbẹ tó sì le pẹ́pẹ́, ọṣẹ rẹ̀ ló pọ̀ jù tàbí kò bá ẹ̀rọ mu. Ẹ ra èyí tí a kọ sára rẹ̀ pé ó wà fún ẹ̀rọ ẹlẹ́nu-iwájú, ẹ má sì kó aṣọ kún un ju kí àtẹ́lẹwọ́ ṣì lè wọ àárín aṣọ àti òkè àgbá lọ. Rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀ náà máa ń bu, ó sì máa ń rùn bí a bá ń tì í ní tútù. Ẹ máa nù ún gbẹ, kí ẹ sì ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ níbi tí ọmọdé kò lè dé.

Ẹ̀sùn kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: omi gbọ́dọ̀ ní agbára kó tó wọ inú ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹlẹ́nu-iwájú ń béèrè ìdajì báà ó kéré tán, ìyẹn agbára omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti nǹkan bíi mítà 5. Ẹ jẹ́ ká wo ilé kan ní Ìbàdàn tó ń lo omi bohólù, tí tánńkì rẹ̀ wà lórí ìdúró gíga mítà 4. Ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ ilé ń gba omi ní nǹkan bíi mítà kan sókè, nítorí náà mítà 3 péré ló kù, kò tó. Èyí tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò ní rí nǹkan kan gbà rárá. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ á máa dúró de omi, á sì wá fi àṣìṣe hàn. Pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi lè yanjú rẹ̀, owó rẹ̀ sì yẹ kó wà nínú ìṣirò. Bí iná bá tún lọ láàárín ìfọ̀, ìlẹ̀kùn lè wà ní títì pẹ̀lú omi nínú, a ó sì fi rọ́bà kékeré tó wà lẹ́bàá asẹ́ nísàlẹ̀ dà á nù.

Ní ilé yẹn kan náà, bí wọ́n bá ń fọṣọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ẹlẹ́nu-òkè olópòó tó ń mu lítà 150 yóò mu lítà 600. Ẹlẹ́nu-iwájú tó ń mu lítà 55 yóò mu 220. Lítà 380 ló yà wọ́n lọ́sẹ̀ kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 lọ́dún, ìyẹn tánńkì lítà 1,000 bíi ogún, pẹ̀lú epo jẹnẹrétọ̀ tó ń fà á jáde láti inú ilẹ̀. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́nu-iwájú ló yẹ, bí pọ́ǹpù bá wà. Ilé tó ń pọn omi nínú garawa, tí kò ní omi ẹ̀rọ rárá, ẹlẹ́nu-òkè tó ní àgbá méjì, tí a ń fi ọwọ́ bu omi sí, ló bá a mu. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ wọn gíga tánńkì yín sí ibi tí ẹ̀rọ yóò dúró, kí ẹ sì ní kí olùtajà fi iye agbára omi tí ẹ̀rọ náà ń béèrè hàn yín nínú ìwé rẹ̀.